Ta Ló Ni Lísìtì Yẹn? Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Tó Ń Múra Ìdána

Lónìí, mi ò sọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe ń rí ọkọ tàbí aya. Ẹni tí mò ń bá wí ti rí i. Ẹ ti fẹ́ràn ara yín, ẹ ti gbàdúrà sí i, bàbá mọ̀, ìyá mọ̀. Ohun tó kù ni ìdána, ibẹ̀ gan-an ni oorun sì ti ń dá lójú yín.

Ẹ rántí Jákọ́bù. Ọdún 7 ló kọ́kọ́ sin Lábánì nítorí Rákélì, wọ́n tún fi ọdún 7 mìíràn lé e. Nígbà tó yá, ó sọ fún àwọn aya rẹ̀ pé ìgbà mẹ́wàá ni bàbá wọn yí owó iṣẹ́ òun padà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Ẹ má sì lọ pe bàbá ìyàwó yín ní Lábánì kí ẹ wá sọ pé pásítọ̀ ló kọ́ yín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé àdéhùn tó bá wà lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo, ẹni yẹn ló máa ń nà án bó ṣe wù ú. Bẹ́ẹ̀ náà ni lísìtì ẹrù ìdána rí.

Kí n kọ́kọ́ mú ohun kan kúrò lọ́nà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin máa ń wá bá mi pé, "Pásítọ̀, owó orí ló ń dẹ́rù bà mí." Mo máa ń bi wọ́n pé, èló ni wọ́n pè é? Wọn kì í lè dáhùn, torí pé nílẹ̀ Yorùbá owó orí kọ́ ló ń pa èèyàn. Iye tí ọ̀pọ̀ ilé ń gbà kò tó nǹkan. Bàbá mìíràn á gbà á, á gbàdúrà sí i, á sì dá a padà níwájú gbogbo èèyàn pé òun ò ta ọmọ. Bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá wo àṣà wa dáadáa, ohun tó ń sọ ọmọbìnrin di ìyàwó ni pé òun fúnra rẹ̀ gbà, àwọn òbí gbà, wọ́n san owó orí, wọ́n sì fa ìyàwó lé ẹbí ọkọ lọ́wọ́. Ó tán. Ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ kò ní bi yín bóyá iṣu pé 42. Àwọn nǹkan tó kù dára, wọ́n ní ìtumọ̀, mi ò bú wọn. Ṣùgbọ́n ayẹyẹ ni wọ́n. Èèyàn lè dín ayẹyẹ kù, kí ìgbéyàwó má dín kù rárá.

Níbo wá ni owó ń gbà lọ? Ọ̀nà mẹ́ta ni. Èkínní ni ẹrù fúnra rẹ̀. Èkejì ni àwọn àpòòwé kéékèèké tí wọ́n ń gbà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀kẹta, òun ló tóbi jù, ni orí èèyàn tó máa jẹun. Ẹ jẹ́ kí n fi tọkọtaya kan tí mo bá jókòó ṣe àpẹẹrẹ fún yín. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ìbàdàn ni ọkọ wà, ó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni ìyàwó, olùkọ́ ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí a bá ti dárúkọ Ìjẹ̀bú nínú ọ̀rọ̀ àríyá, a ti débi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Ẹ̀yin Ìjẹ̀bú, ẹ má bínú sí mi.

Àwọn méjèèjì ti ń dá owó ní kọ́pírétíìfù. Wọ́n ṣírò pé tó bá fi máa di ọjọ́ ìdána, gbogbo ohun tó máa wà lọ́wọ́ wọn á jẹ́ ₦2,400,000. Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ yọ owó ilé. Ẹ gbọ́ mi o: kí ẹ tó ra orógbó kan, ẹ yọ owó ilé! Yàrá àti pálọ̀ tí wọ́n rí, pẹ̀lú owó aṣojú onílé àti owó ìwé àdéhùn, ₦700,000 ni. Wọ́n san án lóṣù yẹn gan-an, kó má baà wà nílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fi ojú sí. Ó ku ₦1,700,000. Iye yẹn ni wọ́n ní. Kì í ṣe iye tí wọ́n ń retí pé ẹ̀gbọ́n kan ní Lọ́ńdọ̀nù máa fi ránṣẹ́. Iye tó wà lọ́wọ́ ni.

Wọ́n ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ó lọ dáadáa. Wọ́n jẹun, wọ́n mọ ara wọn. Ní ìparí, wọ́n fún ẹbí ọkọ ní lísìtì. Nǹkan 18 ló wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àǹtí kan pè láti Èkó pé wọ́n gbàgbé ti àwọn ìyàwó ilé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹlòmíràn ní àwọn ọmọ ilé náà ń kọ́? Nígbà tó fi di oṣù kejì, lísìtì ti di nǹkan 31. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé lísìtì ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín nìyẹn: tí ọ̀rọ̀ tuntun bá ń gba orí fóònù wọlé, láti ẹnu ẹni tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Nígbà tí wọ́n fi owó ọjà sí i, ẹrù àti àpòòwé nìkan di ₦1,200,000. Màmá ìyàwó sì ní àlejò 400 ni òun ń retí. Alásè tó gba owó tó kéré jù sọ pé oúnjẹ àti omi fún ẹnì kan, ₦4,500. Ìyẹn jẹ́ ₦1,800,000. Ẹ pa á pọ̀: ₦3,000,000, a ò tíì dárúkọ kánópì, a ò tíì dárúkọ aṣọ. Wọ́n sì ní ₦1,700,000. Ọkọ wá sọ pé òun á lọ yá owó. Kọ́pírétíìfù wọn máa ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní ìlọ́po méjì ohun tó fi pamọ́, ó sì dà bíi pé ó rọrùn. Mo ní kó jókòó ká ṣírò rẹ̀. Owó tí wọ́n máa yọ nínú owó oṣù rẹ̀ fún oṣù 24, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ìyàwó á lóyún, wọ́n á bímọ, ọmọ á rìn, wọ́n á ṣì máa san owó iṣu. Ti àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù tiẹ̀ burú ju ìyẹn lọ, torí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n ń fúnni, èlé wọn ga, àwọn kan nínú wọn á sì máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn tó wà nínú fóònù rẹ pé o jẹ gbèsè. Ṣé o fẹ́ kí àna rẹ gba irú ọ̀rọ̀ yẹn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìdána?

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀ jù nìyí. Ta ló yẹ kó sọ̀rọ̀? Kì í ṣe ọkọ. Àna kì í bá àna dúnàádúrà, ó di àfojúdi. Tí ọkọ ìyàwó bá la ẹnu pé iṣu pọ̀ jù, wọ́n á ní ahun ni, ọ̀rọ̀ yẹn kò sì ní kúrò lára rẹ̀ títí láé. Ìyàwó ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́, nílé tirẹ̀, fún àwọn òbí tirẹ̀, ní kọ̀rọ̀, kó tó di pé àwọn àgbà ẹbí ọkọ mú un wá sí gbangba. Arábìnrin, ilé yín ni lísìtì ti ń jáde. Má dákẹ́ kó o máa sunkún sí ọkọ rẹ létí lórí fóònù.

Ọmọbìnrin yìí lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ Friday kan, kò lọ lọ́jọ́ tí ilé kún. Ó kúnlẹ̀ bá bàbá rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ni mo wá bá, sà. Owó tí a ní nìyí. Ilé tí a máa gbé, a ti san án. Ẹ bá wa wo lísìtì yìí, kí ẹ sọ èyí tí ẹbí wa kò lè ṣe aláìní, ká mọ èyí tó jẹ́ àfikún." Ẹ wo bó ṣe sọ ọ́. Kò sọ pé lísìtì pọ̀. Ó béèrè pé èwo ló ṣe pàtàkì. Bàbá mú gíláàsì rẹ̀, ó kà á. Ó ní, "Ta ló kọ páálí wáìnì méje síbí?" Bàbá kò mọ̀! Bàbá tó ni ọmọ kò mọ ohun tí wọ́n ń gbà lórúkọ rẹ̀. Èyí wọ́pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ó mú báírò, ó fa igi sí àwọn nǹkan tí wọ́n fi kún un, ó buwọ́ lu ìwé náà, ó sì ní ẹ̀gbọ́n òun nìkan ni kí ẹbí ọkọ máa bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yẹn lọ. Ẹnì kan lọ́dọ̀ ìyàwó, ẹnì kan lọ́dọ̀ ọkọ. Àǹtí tó bá tún pè láti Èkó, wọ́n á ní kó lọ bá bàbá àgbà.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn nǹkan tó wà lórí lísìtì náà, torí wọn kì í ṣe irú kan náà. Obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀, ìwọ̀nyí ni wọ́n fi ń ṣe àdúrà. Orógbó, kí wọ́n gbó. Oyin, kí ayé wọn dùn. Ataare, nítorí ọmọ tó kún inú rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ìwọ̀nyí, ara ìdùnnú ọjọ́ náà ni wọ́n, wọn ò sì wọ́n. Orógbó àti oyin kì í tètè bàjẹ́, ẹ lè rà wọ́n sílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Obì ni kẹ́ ẹ má tètè rà, kòkòrò máa ń jẹ ẹ́.

Iṣu, ìrẹsì, epo, àti páálí mínírà, wọn kì í ṣe ti àdúrà. Wọ́n máa pín in ni. Lẹ́yìn ìdána, àwọn obìnrin ilé á ya ti ẹbí bàbá sọ́tọ̀, wọ́n á ya ti ẹbí ìyá, àwọn ilé kan á tiẹ̀ bù nínú rẹ̀ padà fún ẹbí ọkọ. Nítorí náà, ibẹ̀ ni a ti lè dín in kù láìbà àdúrà kankan jẹ́. Nípa iṣu, ìyá àgbà kan ní 42 ni àwọn ń gbà láti ìgbà pípẹ́. Wọn ò bá a jiyàn. Wọ́n gbé 21 wá, wọ́n tò ó dáadáa, ó sì tán síbẹ̀. Wọ́n sì mú oṣù November, torí pé nígbà yẹn iṣu tuntun ti kún ọjà. Ẹni tó bá fi ìdána sí May tàbí June, iṣu ọdún tó kọjá tó ti ń tán lọ ló máa rà, á sì rí i ní owó gọbọi. Ẹ̀yin náà mọ bí ọjà ṣe rí láti 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Alásè tó fún yín ní iye kan ní oṣù March, tí ẹ ò bá tíì san nǹkan kan, kò ní gbà á mọ́ ní November. Ẹ san ìdá kan, kẹ́ ẹ gba ìwé.

Lẹ́yìn náà ni àpótí ìyàwó. Èyí máa ń pa àwọn ọkùnrin lára: aṣọ, bàtà, báàgì, aago, gbogbo rẹ̀ tuntun, gbogbo rẹ̀ olówó gọbọi. Wọ́n ti kọ ₦350,000 sí i. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló ní aṣọ méjì ló tó òun, pẹ̀lú bàtà kan, Bíbélì àti òrùka. Ó di ₦120,000. Kò sí ẹni tó ṣí àpótí náà wò lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí alága. Alága ìjókòó wà fún ẹbí ìyàwó, alága ìdúró wà fún ẹbí ọkọ. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe, mo fẹ́ràn orin wọn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ni kì í ṣe owó iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń gbẹ́kẹ̀ lé. Owó ìkanlẹ̀kùn, owó bàbá gbọ́, owó ìyá gbọ́, owó àwọn ìyàwó ilé, owó ìka-lẹ́tà, owó ìṣíbòjú, ẹ̀yin ẹ ka iye rẹ̀. Èyí tó wà lórí lísìtì, ẹ fi sínú àpòòwé láti ilé, kẹ́ ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Èyí tí alága á dá sílẹ̀ níbẹ̀ nítorí pé orin wọ̀ ọ́ lára, ìyẹn ni ẹ gbọ́dọ̀ ti bá a sọ ṣáájú: "Màmá, owó yín nìyí ní kíkún, àpòòwé mẹ́jọ la ní, gbogbo rẹ̀ ₦50,000, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀." Tí kò bá gbà, ẹ wá ẹlòmíràn. Àwọn tọkọtaya yìí, àǹtí ìyàwó tó ń kọrin nínú kóyà ló ṣe alága ìjókòó lọ́fẹ̀ẹ́, alága ìdúró gba ₦60,000.

Tí mo bá ti dárúkọ owó, ẹ má ná an sórí ìyàwó o. Òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 kọ̀ ọ́, ẹ̀wọ̀n kò gbọ́dọ̀ dín ní oṣù 6, tàbí owó ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì pa pọ̀. A fi ṣe àwàdà títí di 2024, tí ilé ẹjọ́ kan ní Èkó fi rán gbajúmọ̀ kan lẹ́wọ̀n oṣù 6 nítorí rẹ̀. Ẹ gbé agbọ̀n kan sílẹ̀, kí èèyàn fi tirẹ̀ sínú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Èyí tó le jù ni àlejò 400 màmá. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ti màmá náà, torí àwọn ọ̀dọ́ máa ń rò pé fáàrí lásán ni. Fún ogún ọdún, màmá yìí ti ń ra aṣọ ẹbí. Ọmọ ẹni yìí ṣègbéyàwó, ó rà á. Ìyá ẹni yẹn kú, ó rà á. Ó dà bí èsúsú lójú rẹ̀, ọjọ́ tó máa kó tirẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ń sọ pé àlejò pọ̀ jù. Ṣé ẹ rí i? Tó o bá sọ fún un pé "Mọ́mì, a ò lówó," o ò tíì dáhùn ohun tó ń dùn ún. Ọmọ rẹ̀ ní, "Màámi, a lè bọ́ 150. Nínú rẹ̀, 60 jẹ́ tiyín. Tí ẹgbẹ́ yín bá ju ìyẹn lọ, ẹ jẹ́ ká wo bí ẹ ṣe máa ṣe tiyín, owó wa kò ní lè wọ ibẹ̀." Màmá bínú. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kò gbé fóònù. Mo sọ fún ọmọ náà pé kó má yí iye yẹn padà, kó sì máa pè lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ màmá fúnra wọn ló yanjú rẹ̀: wọ́n dáwó, wọ́n se oúnjẹ tiwọn, wọ́n fi kánópì tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ ilé, wọ́n tó 70. Aṣọ ẹbí ńkọ́? Màmá ló yàn án, màmá ló gba owó rẹ̀. Tọkọtaya kò fi kọ́bọ̀ ra aṣọ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ra aṣọ 50 sílẹ̀ pé òun á tà á, ó sábà máa ń kú sí i lọ́wọ́, èyí tó bá sì rọrùn fún un láti tà, àwìn ni.

Ohun kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn. Nígbà tí ẹ bá fi orúkọ sílẹ̀ ní rẹ́jísírì, ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó fún yín ní ìwé ẹ̀rí, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣe ìgbéyàwó náà kí oṣù 3 tó pé láti ọjọ́ tí ẹ fi orúkọ sílẹ̀. Tí ìjà lísìtì bá mú kí wọ́n sún ìdána síwájú, oṣù 3 yẹn lè kọjá, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má lọ sí rẹ́jísírì títí bàbá á fi buwọ́ lu lísìtì.

Ọjọ́ kan náà ni wọ́n fi ṣe méjèèjì, kí oúnjẹ má baà jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Aago 8 àárọ̀ ni ìdána bẹ̀rẹ̀ nínú ọgbà bàbá ìyàwó. Mo ti bẹ alága kó parí ní aago 11, ó parí ní aago 11:40, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Owó orí, bàbá gbà á, ó dá a padà. Nígbà tó di Monday, ọkọ mú ìwé ìṣirò wá. Ẹrù àti àpòòwé, ₦610,000. Oúnjẹ àlejò 150, ₦675,000. Kánópì àti àga, ₦90,000. Alága, ₦60,000. Aṣọ àwọn méjèèjì, ₦200,000. Ó ṣẹ́ ku ₦65,000 nínú ₦1,700,000. Wọ́n fi ra sítóòfù gáàsì, wọ́n sì fún màmá ní ₦10,000 pé kó fi ra aṣọ ẹbí tó ń bọ̀.